Ẹ Kú Ilé, Ẹ Káàbọ̀: Bí A Ṣe Kí Ẹ̀gbọ́n Mi Nígbà Tí Wọ́n Dé

Ní ọdún 2005, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an ní Kàdúná, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé báàgì kan kọ́ èjìká, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, wọ́n sì yíjú sí àwa yòókù lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Mo ń bọ̀." Jámánì ni wọ́n ń lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò jọ ẹnikẹ́ni lójú nínú wa, nítorí pé ohun tí Yorùbá máa ń sọ nìyẹn bí ó bá ń jáde nílé, ì báà ṣe ẹ̀wà ló fẹ́ lọ rà ní ìkángun àdúgbò, ì báà sì ṣe òkun ló fẹ́ rékọjá. Ẹni tí ó ń lọ gan-an ni ó ń sọ pé òun ń bọ̀. Ó di ọdún 2024, ní oṣù Kejìlá, kí wọ́n tó bọ̀.

Nígbà tí ó ku bí oṣù kan kí wọ́n dé, Màmá pè mí sí yàrá wọn ní Kúbúwà, ní Àbújá, wọ́n sì fi lé mi lọ́wọ́ pé èmi ni n óò sọ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ lórúkọ àwa ọmọ, ní ọjọ́ Sátidé tí ẹbí yóò pé jọ. Mo jókòó, mo kọ ojú ewé méjì. Mo bẹ̀rẹ̀ báyìí pé: "Lórúkọ gbogbo ẹbí, inú wa dùn láti kí yín káàbọ̀ sí orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà." Mo kà á fún Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa tí ó ń gbé ní Ọ̀fà, lórí fóònù. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé ìlà kẹta, wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé àlejò ló ń bọ̀ ni?"

Ìbéèrè yẹn ni ó lé ojú ewé méjì náà dànù, òun náà ni ó sì jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ọ̀rọ̀ kan tí mo ti ń sọ láti kékeré láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Káàbọ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. "Kú" àti "àbọ̀" ni a pa pọ̀ tí ó di "káàbọ̀", gẹ́gẹ́ bí "kú" àti "àárọ̀" ṣe di "káàárọ̀". Fáwẹ̀lì "kú" ni a pa jẹ nínú ìkíni náà, ṣùgbọ́n ohùn òkè tí ó gbé dání kò bá a lọ, ó lẹ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "àbọ̀", ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ ohùn òkè kí ohùn ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ lé e. "Àbọ̀" fúnra rẹ̀ sì wá láti ara "bọ̀". Èdè wa ní ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ fún kí ènìyàn ti ibì kan dé ibòmíràn: àlejò lè wá, èrò lè dé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bọ̀ ni ẹni tí ó ní ibi tí ó ti kúrò tẹ́lẹ̀. Òun ni a ń gbọ́ nínú "Ìyábọ̀", orúkọ ọmọbìnrin tí a bí lẹ́yìn ikú ìyá àgbà, àti nínú "Tòkunbọ̀", orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wá sílé. (Pé ọkọ̀ àlòkù tí ó ti òkè òkun wá pẹ̀lú ń jẹ́ tòkunbọ̀ jẹ́ àwàdà tí ó dára, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò kúrò nílé rí.) Lóòótọ́, a máa ń sọ "ẹ káàbọ̀" fún ẹnikẹ́ni tí ó bá kan ilẹ̀kùn, títí kan ẹni tí ó wá ka mítà iná, kò sì sí ẹni tí yóò ní a ṣì í sọ. Síbẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá mu jù lọ ni ẹni tí ó ti sọ nígbà kan rí pé òun ń bọ̀. "Mo ń bọ̀" ni ìlérí. "Kú àbọ̀" ni ẹ̀rí pé ìlérí náà ṣẹ. Mo ti ń gbọ́ ìdajì gbólóhùn kan láti ọdún 2005, n kò sì mọ̀ pé ọwọ́ mi ni ìdajì kejì wà.

Bí ènìyàn bá ti pẹ́ ní Àríwá gẹ́gẹ́ bí tiwa, kò lè ṣe kí ó má fi èyí wé ti Haúsá. Àwọn aládùúgbò wa ní Kàdúná máa ń sọ "sànnú dà súwà" fún ẹni tí ó bá dé. Àwa Yorùbá kò ní ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ "súwà" lẹ́nu wọn, bí a ṣe ń pè é nìyẹn. Wíwá ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, nítorí náà ó tọ́ sí àlejò, ó tọ́ sí onílé. Bí wọ́n bá fẹ́ tọ́ka sí pé ẹni náà padà wá ni, wọ́n ní "dàwówà". Ọ̀rọ̀ méjì ni tiwọn, tiwa jẹ́ ọ̀kan tí ó ń ṣiṣẹ́ méjì, ìdí sì nìyẹn tí ó fi rọrùn fún wa láti gbàgbé èyí tí ó wúwo nínú iṣẹ́ méjèèjì. Kí n tó kúrò níbẹ̀, àwọn tí wọ́n bá ń sọ pé Máráràbá, ìlú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbújá, ń kí wọn káàbọ̀ nítorí pé "máràbá" jẹ́ ìkíni káàbọ̀ ní èdè Haúsá, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ìkóríta ni orúkọ ìlú náà túmọ̀ sí, ibi tí ọ̀nà ti pín.

Ohun kejì tí Bàbá Kékeré rán mi létí ni pé kì í ṣe onílé ni ó kọ́kọ́ máa ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó dé ni ó ń kí ilé. Bí ó bá ti kan ẹnu ọ̀nà, yóò ní, "Ẹ kú ilé o," ẹni tí ó wà nínú ilé yóò sì dá a lóhùn pé, "Ẹ káàbọ̀." Bí ó bá mọ̀ pé wọ́n ti ń retí òun, yóò fi kún un pé, "Ẹ kú ojú lọ́nà." Ẹ wo bí ó ṣe rí: ẹni tí ó rin ìrìn àjò ni a rò pé ó rẹ̀, síbẹ̀ òun ni ó kọ́kọ́ ń kí àwọn tí kò lọ síbì kan, nítorí pé jíjókòó sílé náà níṣẹ́. Àwọn tí ó kù sílé ni wọ́n sin òkú, tí wọ́n san owó ilé, tí wọ́n gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn ní òru. "Ẹ kú ilé" mọ gbogbo ìyẹn láìdárúkọ rẹ̀. Èrò mi ni pé ibẹ̀ ni ìkíni ẹni tí ó bọ̀ láti òkè òkun ti máa ń bàjẹ́ lóde òní. Àwọn ará ilé á ti tò sẹ́nu géètì pẹ̀lú ariwo káàbọ̀, fóònù á wà lókè láti ya fídíò, ẹni tí ó dé kò sì ní rí àyè sọ gbólóhùn kan tí ó jẹ́ ojúṣe tirẹ̀. Wọ́n á gbà á lálejò kí ó tó lè wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ.

Ṣùgbọ́n ilé wo? Ìyẹn ni ó mú mi dúró fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ilé tí ẹ̀gbọ́n mi ti jáde ní Kàdúná kò sí lọ́wọ́ wa mọ́. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kẹrin ọdún 2011, Bàbá kó wa wá sí Àbújá. Ẹ̀gbọ́n mi kò tẹ ilẹ̀ Kúbúwà rí. Bàbá pàápàá ti kú ní ọdún 2016, ìwé ìgbélùú ẹ̀gbọ́n mi kò sì tíì jáde nígbà náà, wọn kò lè wá sin wọ́n. Mo bi Màmá pé báwo ni ènìyàn ṣe ń bọ̀ síbi tí kò ti lọ. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ibi tí mo bá wà ni," ni wọ́n wí.

Ní ọjọ́ tí wọ́n dé, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ni a lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfuurufú Nnámdí Àsíkíwè. Mo kúnlẹ̀ níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù kọjá, mo ní, "Ẹ kú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrìn." Wọ́n gbá mi mú, wọ́n ní, "Ó tọ́jọ́ mẹ́ta o." Ọdún 19 ni wọ́n pè ní ọjọ́ mẹ́ta. N kò mọ ìgbà tí Yorùbá fi ẹnu kò sí i pé ọjọ́ mẹ́ta ni a ó máa pe gbogbo ìgbà tí ó bá gùn ju bí a ti lè fara dà lọ, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ó wà, nítorí pé bí wọ́n bá ka ọdún náà fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, n kò ní lè dìde lórí eékún mi. N kò sọ káàbọ̀. Kì í ṣe pé ó jẹ́ èèwọ̀ láti sọ ọ́ ní pápákọ̀; gbogbo ènìyàn tí ó yí wa ká ni ó ń sọ ọ́. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tí ó ni ín kọ́kọ́ sọ ọ́ ni.

Màmá dúró nínú ìloro. Wọ́n ti ní kí a bu omi tútù sínú igbá, kí a sì dà á sílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn kí ẹ̀gbọ́n mi tó wọlé, kí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí ó tutù wọlé. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nílé bàbá wọn nìyẹn fún ẹni tí ó bá pẹ́ lájò. Ẹ̀gbọ́n mi dúró níbi omi náà, ọmọ wọn ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 11 sì wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní, "Ẹ kú ilé, Màmá." Ohùn wọn kò jáde dáadáa.

Mo ti rò pé Màmá yóò pariwo, tàbí kí wọ́n bú sẹ́kún, tàbí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin. Wọn kò ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀. Wọ́n ń wò wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi náà ń wo Màmá, ó sì pẹ́ díẹ̀. Ìtàn Àjàyí Kráúdà ni ó wá sí mi lọ́kàn níbi tí mo dúró sí. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn nígbà tí ó wà lọ́mọdé, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀ sì tún fojú kanra ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn bí ọdún 25. Ọkùnrin tí ó ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843 ni o, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wá ọ̀rọ̀ fún gbogbo nǹkan; síbẹ̀ ohun tí ó ròyìn nípa ọjọ́ náà ni pé àwọn méjèèjì kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀, pé ṣe ni àwọn jókòó tí àwọn ń wo ara àwọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn yẹn, mo rò pé ó fi nǹkan pamọ́ ni. N kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni Màmá ní, "Àjàní. Káàbọ̀."

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Àjàní ni oríkì àbísọ ẹ̀gbọ́n mi, èmi tí mo jẹ́ àbúrò kò sì lè fi pè wọ́n. Bàbá ti lọ, àwọn àgbà tí ó kù wà ní Ọ̀fà, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ó ti tó ọdún díẹ̀ tí etí wọn ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Orúkọ tí ó wà nínú ìwé ìrìnnà ni gbogbo ayé fi ń pè wọ́n ní Jámánì. Wọ́n wólẹ̀ sórí omi náà pẹ̀lú aṣọ òtútù lọ́rùn.

Ọmọ wọn ni ó bá wa tú u ká. Bàbá rẹ̀ ti ń kọ́ ọ ní ìkíni láti inú bàálù, ó sì ti ń dà á láàmú pé kí ló dé tí àwọn ará Nàìjíríà fi ń sọ pé kí ilé kú, nítorí pé "kú" tí ó mọ̀ ni èyí tí ó wà nínú "ajá ti kú", ohùn àwọn méjèèjì kò sì yàtọ̀. Bàbá rẹ̀ ti ṣàlàyé títí ó ti sú u. Nígbà tí ó kàn án, ó dọ̀bálẹ̀ gbọnrangandan níwájú ìyá àgbà rẹ̀, ó sì sọ pẹ̀lú ohùn rara pé, "Ẹ káàbọ̀, Màmá!" Ẹ̀rín gba gbogbo ìloro. Àbúrò mi fẹ́ ṣàtúnṣe fún un, ṣùgbọ́n Màmá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní, "Ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀. Ó kí mi káàbọ̀, mo ti dé nìyẹn."

Títí di ìgbà yẹn, gbogbo nǹkan ń lọ bí ó ti yẹ. Ibi tí ìkíni àbọ̀ ti máa ń le ni ìgbésẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, nítorí pé lẹ́yìn ẹ kú ilé àti ẹ káàbọ̀, ẹni tí ó dé gbọ́dọ̀ béèrè ènìyàn. "Àwọn ará ilé ńkọ́?" ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, yóò wá máa dárúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Bàbá Kékeré ńkọ́? Ìyá Àgbà ẹ̀yìnkùlé ńkọ́?" Ìdáhùn rẹ̀ kò ju "Wọ́n wà" lọ. Gbólóhùn kékeré yìí kò gba irọ́. A kò lè sọ pé ẹni tí ó ti kú wà, ẹnu Yorùbá kò ní gbé e.

Ìyá Ọ̀fà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, ti kú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé. Àwọn ni wọ́n tọ́ ẹ̀gbọ́n mi dàgbà títí di ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹbí pinnu pé a kò ní túfọ̀ fún ẹni tí ó wà ní òun nìkan ní ìlú òtútù, tí ó sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní túfọ̀ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ tí kò tíì jẹun. Ètò wa ni pé kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sùn, kí Bàbá Kékeré sì sọ ọ́ fún wọn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí pé àgbà ni ó ń túfọ̀, kì í ṣe ọmọdé. Mo fara mọ́ ètò náà nígbà náà, mo sì ṣì fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ihò kan wà nínú rẹ̀ tí a kò rí. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n ní, "Ìyá Ọ̀fà ńkọ́?" Àbúrò mi ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé àpótí yín wọlé ná." Mo ní, "Ṣé kí n bu ọbẹ̀ gbígbóná sí i?" Àwa méjèèjì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ife sílẹ̀. Ọdún 19 ní Jámánì kò tíì gba èdè yẹn lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá bi Yorùbá ní "lágbájá ńkọ́" tí ó sì fi oúnjẹ dá yín lóhùn, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Wọn kò bi wá mọ́. Wọ́n jẹ àmàlà díẹ̀, wọ́n wọlé lọ sùn, nígbà tí Bàbá Kékeré sì dé yàrá wọn láàárọ̀ tí wọ́n ní, "Àjàní, ìyá rẹ tó wà ní Ọ̀fà ti relé," wọ́n kàn mi orí ni. Láti ìgbà yẹn lọ, ìkíni yí padà. Àwọn tí wọ́n wọlé wá kí wọn á sọ "ẹ káàbọ̀" tán, wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o." Bí mo bá tún máa ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀, n óò fi àgbà kan sínú pálọ̀ ní alẹ́ àkọ́kọ́, ẹni tí ó lè dáhùn "ńkọ́" bí ó bá dé.

Bàbá Kékeré ni ó tún kọ́ mi ní ìkíni kẹta tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, a jókòó sí ìta, mo tún ka ọ̀rọ̀ mi tí ó ti di ojú ewé kan fún wọn, wọ́n sì bi mí pé ṣé mo fẹ́ fi "ẹ kú ewu" sí i. Mo ní ewu kí ni, bàálù ni wọ́n wọ̀ wá. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wá sọ ìtàn kan tí mo ti gbọ́ lábọ̀ lábọ̀ rí. Kùmásí ni wọ́n bí wọn sí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busíà ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ará Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí tí wọ́n ń ṣòwò níbẹ̀ sì di èrò ọ̀nà lójijì. Bàbá Kékeré jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí ó gbé ìdílé wọn wálé. Wọ́n ní nígbà tí àwọn dé Ọ̀fà, kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ káàbọ̀ fún àwọn. Gbogbo ẹni tí ó sáré pàdé ọkọ̀ náà ń sọ pé, "Ẹ kú ewu! Ẹ kú ewu!" Ó di ìgbà tí wọ́n ti rí yàrá fún wọn kí ìyá àgbà kan tó wá jókòó tì wọ́n, tí ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín."

"Ẹni tí ó ní òun ń bọ̀ ni káàbọ̀ wà fún," ni Bàbá Kékeré wí. "Àwa kò ní à ń bọ̀. Wọ́n lé wa bọ̀ ni."

N kò gbà pé ọ̀rọ̀ náà le tó bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀, nítorí pé ìyá àgbà yẹn ṣáà sọ káàbọ̀ nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà yé mi: ẹ kú ewu kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí ojú rí, káàbọ̀ wá tẹ̀ lé e nígbà tí ara bá ti balẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n dá padà láti Líbíà ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ìkíni tí ó yẹ wọ́n nìyẹn, kì í ṣe "kí lẹ mú bọ̀". Nígbà tí mo wá ronú nípa ọdún mélòó tí ẹ̀gbọ́n mi fi wà láìní ìwé, tí wọ́n ń fọ abọ́ ní òru, tí wọ́n sì gbọ́ ikú bàbá wọn lórí fóònù láìlè gbéra, mo mú bírò, mo fi "ẹ kú ewu" síwájú.

Nípa ohun tí kò yẹ kí á sọ, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. "Ẹ ti dúdú sí i," "ẹ ti rù," "a ò mọ̀ yín mọ́": ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀rín gba gbogbo ìyẹn. Èyí tí mo rí i pé ó dùn wọ́n ni ti aládùúgbò kan, ọkùnrin dáadáa tí kò ní ibi kankan lọ́kàn, tí ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ tí ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ìgbà wo lẹ ń padà?" Ó jọ ìtọ́jú, ṣùgbọ́n gbólóhùn kejì ti gba ìkínní padà. Ibi tí ènìyàn ń padà sí ni ilé rẹ̀. Bí Kúbúwà bá jẹ́ ibi tí wọ́n bọ̀ sí, Jámánì kò lè jẹ́ ibi tí wọ́n ń padà sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí a gbàdúrà tán, mo dìde. Nínú ojú ewé méjì tí mo kọ́kọ́ kọ, ohun tí ó kù kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu. Ojú yín rí tó, a kò sí níbẹ̀. Ní ọdún 2005, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ní Kàdúná, ẹ ní ẹ ń bọ̀. Bàbá gbà yín gbọ́ títí wọ́n fi lọ. Kò sí ọdún tí wọn kì í béèrè pé kí á má ta bẹ́ẹ̀dì yín. Ilé tí ẹ ti jáde kọ́ nìyí, ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ sọ ọ́ fún ló wà níbí, ẹni tí kò sì sí, a ń dáhùn fún un. Ẹ bọ̀. Ẹ kú àbọ̀. Ẹsẹ̀ tí ó gbé yín wálé kò ní gbé yín kọ ibi. Ilé á tù yín lára. A ó tún máa rí àlọ yín, a ó sì máa rí àbọ̀ yín." Wọ́n ṣe àmín. Bàbá Kékeré ní kí n tún ibi bẹ́ẹ̀dì yẹn sọ, nítorí pé àwọn kò gbọ́ ọ dáadáa. Mo mọ̀ pé wọ́n gbọ́ ọ.

Ó tó ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn àlejò ti lọ, abọ́ tí a yá ti padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó ni wọ́n, iná sì ti lọ láti àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wọ sálúbàtà Màmá, wọ́n jáde lọ ra káàdì fóònù ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, wọ́n sì pẹ́ díẹ̀ nítorí pé wọ́n ṣì ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ti géètì, wọ́n ń gbọn eruku kúrò lẹ́sẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú ilé o." Màmá wà ní ilé ìdáná, wọ́n ń bó iṣu. Wọn kò jáde, wọn kò sì gbójú sókè.

"Káàbọ̀," ni wọ́n wí. "Ti ilẹ̀kùn yẹn, ẹ̀fọn ń wọlé."